Òórùn Ẹmu

Ní ilé ẹmu rẹ̀ l'Ókè-Fìà, Òṣogbo, Bàbá Ẹlẹ́mu gbé igbá méjì síwájú mi.

"Má tíì tọ́ ọ wò o. Gbóòórùn rẹ̀ ná."

Ti àkọ́kọ́ ń ta sánsán bí oyin, ìfófòó rẹ̀ ń ta sí mi nímú.

"Ti àárọ̀ yìí ni, Bàbá."

"Èkejì ńkọ́?"

Ó ti kan. "Ti àná ni, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ mọ́, ṣùgbọ́n imú yẹn, ẹ gbà mí gbọ́, ó ju ti ajá ọdẹ lọ.

"Padà sí àkọ́kọ́. Fara balẹ̀."

Mo mí kanlẹ̀. Lábẹ́ adùn yẹn, nǹkan kan ń rùn fẹ́ẹ́rẹ́, bí àkísà tí ò gbẹ.

"Wọn ò fọ agbè, Bàbá."

Ó da ẹmu náà sílẹ̀, ó ké sí adẹ́mu.