Ọjọ́ mẹ́rin létí òkun, èmi nìkan

Ẹni tó bá wo àwòrán àkọ́kọ́ dáadáa á rí i pé àga méjì ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tí mò ń dúró dè. Àpò mi ni mo gbé lé èkejì.

Ọdún yìí le fún mi. Màámi kú nínú oṣù kejì, lẹ́yìn àìsàn tó gba oṣù mẹ́sàn-án lọ́wọ́ wa. Nígbà tó di oṣù keje, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, iṣẹ́ á tún wà. Ti Màámi ni mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

Ẹ̀yin èèyàn mi ò fi mí sílẹ̀. Ẹ pè, ẹ wá, ẹ jókòó tì mí, mo sì dúpẹ́ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń rẹ́rìn-ín kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣọ̀fọ̀ rí mọ irú ẹ̀rín yẹn, ẹnu nìkan ló ń rín in. Mo wá ibi tí mo ti lè fajú ro láìsí pé ẹnikẹ́ni ń béèrè pé kí ló dé.

Ọjọ́ kìíní ò dùn rárá. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo jókòó sétí ibùsùn bíi wákàtí méjì, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ti mú fóònù láti sọ pé mo ti gúnlẹ̀ láyọ̀, nọ́ńbà Màámi sì ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ lọ bá.

Lọ́jọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ omi. Mo ri igi kan mọ́lẹ̀ níbi tó kún dé láàárọ̀, aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ (àwòrán kejì nìyẹn). Lọ́jọ́ kẹta, mo ti jókòó dè é ṣáájú àsìkò yẹn. Kò dé. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù kó tó kan igi. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ló là mí lóye: òṣùpá ló ń fa omi òkun, òṣùpá náà ò sì dúró sójú kan, nítorí náà bíi ìṣẹ́jú 50 ni omi fi ń pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ó ní kí n má fi àsìkò àná dúró dè é, kí n sì tètè gbé bàtà mi kúrò níbẹ̀ tí mi ò bá fẹ́ kó rin.

Mo gbé bàtà. Mo tún jókòó pa dà, mo ń ronú bí mo ṣe ń bínú sí ara mi láti oṣù kẹwàá, pé kí ló dé tí ẹkún tún ń dé nígbà tí mo ti gbádùn díẹ̀ nínú oṣù kẹfà. Ìbínú yẹn ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni Màámi máa ń lo oògùn. Aago tí mo yí sórí fóònù kó máa rán mi létí ṣì ń dún títí di òní. Nílé, kíá ni mo máa ń pa á kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo jẹ́ kó dún tán. Mo sunkún sókè, ariwo òkun sì bo ohùn mi. Àwòrán kẹta ni ojú mi lẹ́yìn ẹkún náà. Mi ò tún un ṣe.

Mo kọ #MoTiBọ̀Sípò sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì pa á rẹ́, torí mi ò tíì bọ̀ sípò. Mo yọ #Ìgbafẹ́ náà kúrò. Ẹni tó ń wá ibi tó ti máa gbádùn ò yẹ kó ṣàdédé já lu ọ̀fọ̀ mi. Mi ò fi orúkọ ibẹ̀ sí i, torí ibi tó dákẹ́ ni, mo sì fẹ́ kó dákẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Àwọn háṣítáàgì tí mo fi sílẹ̀ ni èyí tí ẹnì kan tí oorun ò kùn lóru lè tẹ̀, kó sì bá mi níbẹ̀.

Mo ti dé láàárọ̀ yìí. Iyanrìn ṣì wà nínú bàtà mi. Mi ò tíì pa aago mẹ́jọ alẹ́ rẹ́.

#ỌdúnTóLe
#ÀáròÌyá
#ÈmiNìkanLétíÒkun
#ẸkúnÒLọ́jọ́