Ìwé Ìfiṣẹ́sílẹ̀: Ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta 2026 Ni Ọjọ́ Iṣẹ́ Mi Ìkẹyìn

Agboolé wa,
Ọ̀jẹ́, Ìbàdàn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 14 oṣù Kìíní, ọdún 2026.

Sí Olùdarí Àgbà,
Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì wa,
Apẹ́tẹ́, Ìbàdàn.

Àlájà, ẹ̀yin ìyá wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo fi ìwé yìí sọ fún yín pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ olórí òru tí mo ń ṣe lọ́dọ̀ yín sílẹ̀. Òní ni mo fi í lé yín lọ́wọ́, láti ọ̀la ni kíkà oṣù méjì tó wà nínú àdéhùn wa yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ mi ìkẹyìn ni Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2026.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ka ọjọ́ náà, nítorí mi ò fẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí awakọ̀ wa àtijọ́ ń lọ tún ṣẹlẹ̀ láàárín èmi pẹ̀lú yín. Òun ní ọjọ́ tí òun kọ̀wé ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé owó ní àfi ìgbà tí oṣù tuntun bá wọlé, ọ̀rọ̀ sì di ariwo níwájú àwọn oníbàárà. Àdéhùn tí mo fọwọ́ sí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2015 wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ lọ yóò fún ẹnì kejì ní oṣù méjì, láti ọjọ́ tí ìwé bá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà sọ pé oṣù kan ni fún ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n oṣù méjì ni èmi àti ẹ̀yin fẹnu kò lé lórí, oṣù méjì náà ni mo sì máa ṣe. Ọjọ́ tí a fi ìwé sílẹ̀ gan-an kì í sí lára kíkà. Ọ̀la, ọjọ́ 15, ni ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ni yóò pé. Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni, torí oṣù Kejì kò ju ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lọ lọ́dún yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ó yẹ kó pé ọgọ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àdéhùn hàn án: oṣù ló wà níbẹ̀, kì í ṣe iye ọjọ́.

Nítorí pé òru là ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí n la èyí náà yé yín. Iṣẹ́ òru mi tó kẹ́yìn ni èyí tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ Jímọ̀, ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, tí yóò parí ní àárọ̀ Sátidé. Lẹ́yìn rẹ̀ mo máa dúró títí di aago méjì ọ̀sán kí a lè ka ohun tó wà ní ìsọ̀ pọ̀, kí n sì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Kí ẹnikẹ́ni má retí mi ní alẹ́ Sátidé yẹn.

Àlájà, ẹ ti mọ ìdí tí mo fi ń lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kó wà lákọsílẹ̀. Àyà mi ni. Láti ìgbà òjò ọdún 2024 ni mo ti ń wúkọ́ lóru, tí mo rò pé ọyẹ́ tàbí èéfín ààrò ni. Ẹ rántí òru tí ẹ bá mi lẹ́yìn míkísà, tí mo di etí táńkì omi mú, tí èémí mi ń han bí fèrè. Àpò fúláwà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sínú míkísà. Kò sí èéfín kankan nítòsí mi. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀ríta Mẹ́fà, mi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Dókítà fún mi ní ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n ń fẹ́ èémí sínú rẹ̀, ó ní kí n máa kọ iye tó bá fi hàn sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́sẹ̀ tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, kò kọjá 310. Nígbà tí mo lo ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá nílé lóṣù Kọkànlá, ó gòkè dé 430. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi já wálẹ̀. Ibẹ̀ ni dókítà ti sọ pé ikọ́ fée tí fúláwà ń fà ni, pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì káàkiri ayé, àti pé bí mo bá ń fa eruku rẹ̀ símú, oògùn nìkan kò ní lè gbà mí. Ó gbà kí n parí oṣù méjì yìí tí mi ò bá ti sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń da fúláwà, tí mo sì ń fi ìbòmú bo imú. Ìwé tó kọ wà lẹ́yìn èyí. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ NSITF tó ń san ẹ̀san fún òṣìṣẹ́, nítorí Òfin Ẹ̀san fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ka àìsàn tí èèyàn kó lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ ohun tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí. Mi ò fi èyí bá yín jà rárá. Ẹ̀tọ́ tí ẹ ti ń san owó lé lórí ni.

Nítorí náà, láti òru òní, mi ò ní tú àpò, mi ò sì ní jọ fúláwà mọ́. Ibi ààrò àti ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá di búrẹ́dì ni mo máa wà, tí mo máa fi ẹnu darí ìyókù. Mo fẹ́ kí igbákejì mi, ọmọ Ẹdẹ tí ẹ mú wá ní 2021, bọ́ sí ipò mi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í parọ́ iye páànù. Ohun tó kù fún un ni sùúrù pẹ̀lú àpòpọ̀. Lánàá ni mo fi àtàǹpàkò tẹ ìyẹ̀fun pípò níwájú rẹ̀: ojú ibẹ̀ kọ́kọ́ dúró bí kòtò, ó wá ń dìde padà díẹ̀díẹ̀, kò kún tán. Mo ní, "Ìgbà yìí ni ká gbé e wọ ààrò." Ó ní aago kò tíì tó. Mo ní kó fi aago sílẹ̀. Ọyẹ́ ló wà níta, yíìsì kì í yára nínú òtútù, bẹ́ẹ̀ ni lóṣù Kẹta tí ooru bá mú, ìṣẹ́jú tó ń lò lónìí yóò ti pọ̀ jù. Tí ó bá tẹ̀ ẹ́ tó sì ta padà kíá, kó ṣì dúró. Tí kò bá dìde mọ́ rárá, ó ti pẹ́ jù, búrẹ́dì yẹn yóò rọ̀ wálẹ̀ nínú páànù.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mò ń kọ sínú ìwé kékeré aláwọ̀ búlúù tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín: ìwọ̀n omi sí àpò fúláwà oníkílò àádọ́ta, ìgbà tí omi yẹ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ìgbà tí yìnyín yẹ kó wọ̀ ọ́, aṣọ tútù tó yẹ ká fi bo páànù nígbà ọyẹ́ kí ojú ìyẹ̀fun má baà gbẹ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ọwọ́ òsì ààrò kejì gbóná ju ọwọ́ ọ̀tún lọ, kí wọ́n máa yí páànù padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ojú ìwé kìíní ni mo kọ ọ̀rọ̀ bùróméètì, èròjà tí wọ́n ń fi mú búrẹ́dì wú, sí. NAFDAC ti fòfin dè é tipẹ́, ẹ̀yin náà kò sì gbà kó wọ ọgbà yìí rí, kódà lọ́dún tí àwọn oníbúrẹ́dì ń sá lọ sọ́dọ̀ àwọn tí tiwọn ń wú gọ̀ǹbọ̀. Ẹni tí yóò gbapò mi yóò pàdé àwọn tó ń tà á lábẹ́lẹ̀. Kó ti mọ èsì kí wọ́n tó dé.

Ààwẹ̀ yóò ti wọlé kí n tó lọ, ẹ sì mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń ra búrẹ́dì sílẹ̀ fún sààrì. Mo ti bá àwọn ìyá oníbúrẹ́dì ní Bódìjà àti Ọ̀jẹ́ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa sọ iye tí wọ́n fẹ́ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ 23 oṣù Kejì, igbákejì mi ni yóò máa darí òru, èmi yóò kàn dúró tì í. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló máa fi hàn wá bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti tó o.

Ní ti owó: nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà tí mo yá fún owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ₦60,000 ló kù. Ẹ yọ ₦30,000 nínú owó oṣù Kìíní, ₦30,000 nínú ti oṣù Kejì, yóò sì tán. Owó iṣẹ́ oṣù Kẹta mi jẹ́ ti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 14. Ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà tí mi ò tíì lò, mi ò fẹ́ fi gé oṣù méjì yìí kúrú, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ mọ́ owó ìkẹyìn. Kí akọ̀wé sì rí i pé owó ìfẹ̀yìntì oṣù Kejì àti ti Kẹta, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún tèmi àti ìdá mẹ́wàá tiyín, wọ àpò ìfẹ̀yìntì mi láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí òfin sọ. Ó ti máa ń pẹ́ nígbà mìíràn.

Ohun kan ṣì wà tí mo bẹ̀ yín fún, kì í ṣe fún ara mi. Àwọn ọmọ tó wà ní ìdí míkísà kò tíì ju ogún ọdún lọ, wọ́n ṣì ń fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá fúláwà nílẹ̀ láràárọ̀, gbogbo rẹ̀ ń gbéra bí kùrukùru. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi aṣọ tútù nù ún. Kí wọ́n máa gbé ẹnu àpò sọ̀kalẹ̀ sínú míkísà kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n má dà á láti òkè. Ẹ ra ìbòmú gidi fún wọn, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu. Ẹni tó bá sì ń sín léraléra lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó dúró bí mo ṣe dúró, ẹ tètè ní kó lọ rí dókítà.

Àpò ni mo ń rù nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ yìí, ẹ wà nílé ìkómọ àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo dúpẹ́, Àlájà. Ó dùn mí láti lọ.

Ẹ̀dà méjì ni mo mú wá. Ẹ bá mi fọwọ́ sí ọ̀kan, kí ẹ kọ ọjọ́ òní àti aago tí ẹ gbà á sí i, kí n lè mú un dání lọ sílé.

Èmi ni ọmọ yín nínú iṣẹ́,

Rásákì Àlàó
Olórí iṣẹ́ òru