Àtúnkọ àkọlé àti ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ìkéde ẹgbẹ́ wa

Àlájì Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Àkọlé tí ẹ fi ránṣẹ́ ni “Ẹgbẹ́ Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Ṣe Ìpàdé Alárinrin ní Ìlọrin”, orúkọ àlejò pàtàkì mọ́kànlá ló sì kún ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí a tó wá gbọ́ ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì pé ẹgbẹ́ kò ní gba èlé mọ́. Ìyẹn gan-an ni ìròyìn. Mo tún un kọ báyìí:

Àwọn aláta ọjà Ìpàtà yóò máa yá owó láìsan èlé

Ìlọrin: Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ wa tó bá yá 100,000 náírà láti fi ra ata ní ọjà Ìpàtà yóò dá 100,000 náà padà láàárín oṣù mẹ́fà, dípò 110,000 tí a ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìpàdé gbogbogbòò ọjọ́ Àìkú ló fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ráhùn pé èlé ń jẹ èrè àwọn, pàápàá nígbà tí ata bá bàjẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó tà á tán. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ fún ọdún kan, tó sì ní onígbọ̀wọ́ méjì, ló lè yá a.

Orúkọ àwọn àlejò ti wà ní ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn báyìí. Mo mọ̀ pé inú Bàbá Alága lè má dùn sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá akápò yẹ iye owó wọ̀nyí wò kí a tó fi ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn ní ìrọ̀lẹ́.