Ìpè Aago Mẹ́ta

Màmá mi kì í sùn lálẹ́ tí mo bá wà lójú ọ̀nà. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń wa ọkọ̀ òru, aago kan, aago méjì, aago mẹ́ta, wọ́n á pè. Ìpè náà kì í gùn.

"Ojú ẹ ńkọ́?"

"Ó là, Màmá."

"Ó dáa." Wọ́n á gé e.

Mo ti bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n máa sùn. Wọ́n ní bí àwọn bá sùn, ta ni yóò máa jí mi? Kí n má purọ́, èmi náà ti gbára lé e. Láàárín aago méjì sí mẹ́rin, oorun kì í bá awakọ̀ jà. Ńṣe ló máa ń rọra wá jókòó tì ọ́ bí ọ̀rẹ́, ìgbà tí o bá máa fura, o ò ní rántí bí o ṣe gba ibi tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kọjá.

Lóru ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, èrò mẹ́rìnlá ni mo kó. Màmá pè ní aago kan, wọ́n pè ní méjì. Fóònù mi wà lórí ìdúró rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, okùn ṣájà wà lára rẹ̀ bí ìwọ́ ọmọ tuntun, torí bátìrì rẹ̀ ti gbó. Bí o bá yọ ọ́ kúrò lórí iná báyìí, kò ní pẹ́ kú. Ṣájà ọ̀hún náà kò kúkú sàn jù ú lọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń mì nínú ihò sìgá ọkọ̀. Mo fi ìka tì í wọlé, ó yọ jáde. Mo tún tì í.

A jìn sí kòtò kan. Mo gbọ́ "pẹ́", bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi ìṣáná. Rédíò pa ẹnu mọ́. Iná kékeré orí ṣájà kú. Aago ojú rédíò náà bá wọn lọ. 2:24 ni mo rí gbẹ̀yìn níbẹ̀. Iná iwájú ń tàn, ẹ́ńjìnnì ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Mo wo fóònù: 3%. Kí n tó rí ibi tó ṣeé dúró sí, ojú rẹ̀ ti dúdú.

Mo yà sí ilé epo kan tí wọ́n ti tì, ṣùgbọ́n tí iná ń tàn níwájú rẹ̀. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn mi jí.

"Dírẹ́bà, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Fíúsì ṣájà ló jó. Màmá mi máa pè mí ní aago mẹ́ta ni."

"Ẹ gba tèmi, kí ẹ fi pè wọ́n."

Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo tẹ òdo, ọwọ́ mi sì dúró síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà! Màmá ni mo kọ sínú fóònù mi, Màmá náà ni mo máa ń tẹ̀. Mi ò mọ nọ́ńbà ìyá tó bí mi. Mo dá fóònù padà fún obìnrin náà, mi ò lè wò ó lójú. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ní páwà báǹkì, ṣùgbọ́n ẹnu okùn rẹ̀ kò bá ẹnu fóònù mi mu.

Ó kù kí n ṣe é. Mo kúnlẹ̀ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ṣí àpótí fíúsì lábẹ́ sítíárìn. Wọ́n ya àwòrán sínú ìdérí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ya sìgá sí ni mò ń wá. Ó wà níbẹ̀, aláwọ̀ búlúù, 15 lórí rẹ̀, kò tóbi ju èékánná lọ. Mo fà á yọ, mo gbé e síwájú tọ́ọ̀ṣì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ ti já, èéfín sì ti kùn ún ní dúdú.

Ọmọkùnrin yẹn ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e. Ojú ẹsẹ̀ ló máa gbé iná."

"Rárá o."

"Èyí tó wà níbí yìí ńkọ́, yẹ́lò, 20?"

"Wáyà tó lè gbé 15 ni wọ́n fà síbẹ̀."

Mo ti rí i rí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi irin wáyà rọ́pò fíúsì lóru ọjọ́ kan. Fíúsì kò jó mọ́ lóòótọ́, wáyà inú dáṣíbọ́ọ̀dù ló jó dípò rẹ̀. Kí a tó yọ orí bátìrì, apá kan ti yọ́ bí àbẹ́là.

Mo yọ 15 tí wọ́n fi sí wípà ẹ̀yìn, mo kì í bọ ibẹ̀. Rédíò sọ gbólóhùn kan. Inú mi dùn, mo ti ṣájà wọlé. Pẹ́! Òkùnkùn.

Ẹ wò ó, ohun tí mo máa ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ wí lé lórí gan-an ni mo ṣe: mo fi ààyè rọ́pò òkú, mi ò bi òkú léèrè ohun tó pa á.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ṣájà dáadáa. Orí rẹ̀ kò sí. Òrùka irin tí wọ́n yí mọ́ ẹnu rẹ̀ ti tú. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò. Òun nìyẹn tó fẹ̀yìn tì, apá kan lára ìdí ihò níbi tí iná ti ń wá, apá kejì lára ògiri rẹ̀ níbi tí iná ti ń padà. Ó ti so àwọn tí kò gbọdọ̀ kanra wọn pọ̀.

Mo pa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Ìka mi tóbi jù. Obìnrin yẹn wá inú báàgì rẹ̀ títí, ó mú ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń yọ irun ojú jáde, òun ni mo fi fa òrùka náà yọ. Mo yí i padà sórí ṣájà, mo fún un le. Fíúsì kẹta, ara iná kúrukúrù ni mo ti mú un, torí ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Rédíò sọ̀rọ̀. Iná ṣájà tàn. Aago rédíò ń ṣẹ́jú lórí 0:00, kò mọ nǹkan kan.

"Aago mélòó ló lù, mà?"

"Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún."

Bí fóònù ṣe ń jí, ó ń jí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Mo pè. Ó ń dún, ó ń dún. Àyà mi ń já. Wọ́n gbé e.

"Ta nìyẹn?" Ohùn náà wúwo.

"Èmi ni, Màmá. Mo ní kí n sọ fún yín pé ojú mi là."

Wọ́n dákẹ́. "Aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́ta ti kọjá."

"Mi ò sùn o. Mo kàn di ojú díẹ̀ ni."

Obìnrin ẹ̀yìn mi bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo gbọ́, Màmá."

Mo sáré tẹ nọ́ńbà wọn hàn lójú fóònù, mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ṣáná sí ọkọ̀, a bọ́ sójú ọ̀nà. Wọn kì í pè ní aago mẹ́rin. Lóru ọjọ́ yẹn, wọ́n pè.

"Ojú ẹ ńkọ́?"