Àárín sí àárín: bí fẹ́kítọ̀ ṣe ń fi hàn pé MN ń bá BC lọ ní párálẹ̀lì

Àbúrò mi, mo rí fọ́tò ìwé tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, má bínú. O ya onígun mẹ́ta tó dáa, o fi rúlà wọ̀n ọ́n, o wá kọ sábẹ́ ẹ̀ pé "ó hàn kedere pé MN àti BC jẹ́ párálẹ̀lì." Ta ló hàn sí? Ẹni tó ń máàkì ò ní fún ẹ ní nǹkan kan lórí "ó hàn kedere" o. Rúlà ẹ náà ò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ níbí, torí ẹyọ kan tó o yà yẹn nìkan ló wọ̀n, ìbéèrè sì ń sọ̀rọ̀ nípa gbogbo onígun mẹ́ta tó wà láyé, èyí tó ga, èyí tó tẹ́ pẹlẹbẹ, àti èyí tó dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí òógbé ń gbé nínú ọkọ̀ Ìjẹ̀bú Òde.

Ohun tí wọ́n bi ẹ́ nìyí. ABC jẹ́ onígun mẹ́ta, M wà láàárín gbùngbùn AB, N wà láàárín gbùngbùn AC, wọ́n ní kó o fi fẹ́kítọ̀ fi hàn pé MN àti BC jẹ́ párálẹ̀lì. Wọn ò bi ẹ́ bóyá MN jẹ́ ìdajì BC, àmọ́ a máa rí ìyẹn náà gbà lọ́fẹ̀ẹ́, bí èènì.

Kó o tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ ká jọ gbọ́ra wa yé lórí fẹ́kítọ̀, mo rò pé ibẹ̀ lo ti ń ṣìnà. Ìrìn ni fẹ́kítọ̀. Ibi tó dojú kọ àti bó ṣe jìn tó, ìyẹn nìkan ló mọ̀, kò mọ ọ̀nà tó o gbà. Ká ní o kúrò ní Ṣágámù, ò ń lọ sí Ìjẹ̀bú Òde, ọkọ̀ kan gbé ẹ gba ẹ̀spírẹ́ẹ̀sì tààrà, ọkọ̀ kejì kọ́kọ́ yà sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ já èrò sílẹ̀ kó tó darí ibẹ̀ lọ, tó o bá ti balẹ̀ ní Ìjẹ̀bú Òde, lójú fẹ́kítọ̀ ìrìn kan náà lo rìn (lójú dírẹ́bà kọ́ o, òun owó epo ló ń rò). Tá a bá pe Ṣágámù ní S, Ìkẹ́nnẹ́ ní K, Ìjẹ̀bú Òde ní J, á jẹ́ pé:

SK + KJ = SJ

Wo bí K ṣe parí èkíní tó tún bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ibi tí ìrìn kan parí sí ni ìkejì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò lè so wọ́n pọ̀ báyẹn. Tó o bá yíjú padà, àmì á yí padà: KS = −SK. Tó o bá rin ìdajì ọ̀nà, ojú ibì kan náà lo ṣì kọ, ó kàn kúrú ni. Párálẹ̀lì wá ńkọ́? Tí fẹ́kítọ̀ kan bá jẹ́ nọ́ńbà kan lọ́nà èkejì, tí nọ́ńbà yẹn kì í ṣe òdo, párálẹ̀lì ni wọ́n. Tíyẹn bá ti yé ẹ, ìbéèrè yìí ò ju ìlà márùn-ún lọ.

A fẹ́ lọ láti M sí N. Má gba inú òfìfo kọjá, gba A lọ, torí A ni a mọ nǹkan kan nípa ẹ̀:

MN = MA + AN

M wà láàárín AB, torí náà AM jẹ́ ½AB. Àmọ́ láti M sí A là ń lọ, a kọ̀yìn sí ojú tí AB kọ, nítorí ẹ̀ MA = −½AB. N wà láàárín AC, AN = ½AC. Kó wọn sínú ẹ̀:

MN = −½AB + ½AC
MN = ½(AC − AB)

Ohun tó wà nínú brákẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́? Tó o bá kúrò ní B, tó o kọ́kọ́ lọ sí A, kó o tó lọ sí C, BA + AC ni, BA sì ni −AB, ìyẹn ni pé BC = AC − AB. Tóò:

MN = ½BC

Ó parí. Nọ́ńbà kan lọ́nà BC ni MN, nọ́ńbà náà ni ½, torí náà párálẹ̀lì ni wọ́n, èènì tí mo sọ náà ti wọlé, gígùn MN jẹ́ ìdajì gígùn BC.

Wàá rí i pé kò síbì kankan tá a ti sọ pé AB àti AC dọ́gba, tàbí pé igun kan jẹ́ 90. O bi mí nínú vọ́ìsì nóòtì ẹ pé "Bọ̀dá, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò bá dọ́gba ńkọ́, ṣé kò ní dagun?" Kò ní dagun. Mo ti fi ojú ara mi rí i nígbà tí wọ́n ń kan òrùlé ilé wa ní Mákùn, o ò tíì gbọ́n nígbà yẹn. Òrùlé yẹn ò dọ́gba rárá, apá ọ̀tún gbọ̀ọ̀rọ̀ jáde bo fàráńdà, igi rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 16, t'apá òsì ò ju 10 lọ, igi tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ sì jẹ́ 22. Káfíńtà ta okùn sára igi ọ̀tún, ó ká okùn náà sí méjì lọ́gbọọgba, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó ká a dé, ó ṣe bákan náà lápá òsì. Ó wá gé pákó ẹsẹ̀ bàtà 11 nílẹ̀ kó tó gòkè rárá, ó gbé e lọ, ó kàn án mọ́ àmì méjèèjì. Wẹ́kú ni pákó yẹn bọ́ sí i, ó tẹ́jú bíi tìsàlẹ̀. Mo rò nígbà yẹn pé ojú inú ló fi gé e, àṣé ½BC ló gé. Kò sì gbọ́ fẹ́kítọ̀ rí láyé ẹ̀.

Nǹkan kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fò, èmi ò ní fò ó. MN = ½BC sọ pé ojú ibì kan náà ni méjèèjì kọ, àmọ́ ìlà méjì tó sùn lé ara wọn náà kọ ojú ibì kan náà. Kí ló dé tí MN ò lè wà lórí ìlà BC fúnra ẹ̀? Torí pé ìlà AB pàdé ìlà BC ní B nìkan ṣoṣo, A ò sí lórí BC, tó bá wà níbẹ̀ kò ní sí onígun mẹ́ta mọ́. M wà lórí AB, kì í sì í ṣe B, torí náà M ò sí lórí BC. Gbólóhùn kan péré ni, kọ ọ́ sí i.

Tó o bá fẹ́ràn lẹ́tà kéékèèké, ọ̀nà kejì wà. Mú oríjìnì síbi tó wù ẹ́, jẹ́ kí a, b, c jẹ́ fẹ́kítọ̀ láti oríjìnì dé A, B, C. Àárín A àti B ni (a + b)/2, àárín A àti C ni (a + c)/2. Ibi tí à ń lọ yọ ibi tá a ti ń bọ̀:

MN = (a + c)/2 − (a + b)/2 = (c − b)/2 = ½BC

Wo bí lẹ́tà a ti iwájú ṣe pàdé lẹ́tà a ti ẹ̀yìn, tí méjèèjì lọ ní àlọ rámirámi. Èmi fẹ́ràn èyí ju tàkọ́kọ́ lọ, ó yá, àmọ́ ewu kan wà nínú ẹ̀ tí mo ti rí tó pa ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa lára: wọ́n á kọ BC = b − c. Rárá o. Ibi tó ń lọ ló ń ṣíwájú, BC = c − b. Tó o bá yí i, MN á di −½BC, ó ṣì jẹ́ párálẹ̀lì lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń máàkì ti rí i pé o ṣì í. Òmíì tún wà, àwọn tó máa ń fi BC pín MN bí ẹni pín gàrí. A kì í pín fẹ́kítọ̀ fún fẹ́kítọ̀. Sọ pé ìkan jẹ́ ìdajì ìkejì, kó o fẹnu sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ ká fi nọ́ńbà dán an wò kí ọkàn ẹ balẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà kì í ṣe ẹ̀rí. A(1, 7), B(−3, 1), C(9, 3). M bọ́ sí (−1, 4), N bọ́ sí (5, 5). MN = (6, 1), BC = (12, 2). O rí i? Onígun mẹ́ta wọ́gọwọ̀gọ ni mo mọ̀ọ́mọ̀ mú.

Ibi tó wá dùn jù lójú tèmi ni pé ½ yẹn kò ní àṣírí kankan. Tó o bá rin ìdámẹ́ta AB àti ìdámẹ́ta AC láti A, MN á di ⅓BC, párálẹ̀lì náà ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ìdá kan náà lo rìn lápá méjèèjì. Gbìyànjú kó o rin ½ lápá AB àti ⅓ lápá AC: MN = ⅓AC − ½AB, kò sí nọ́ńbà kan tó o lè yọ síta kí AC − AB ṣẹ́ kù, torí AB àti AC fúnra wọn kì í ṣe párálẹ̀lì, wọn ò lè wọnú ara wọn. Pákó káfíńtà á dagun nígbà yẹn nìyẹn.

Iṣẹ́ tìẹ rè é. Ya onígun mẹ́rin kan, ABCD, má jẹ́ kó dọ́gba, kó rí gbágungbàgun. P ni àárín AB, Q ni ti BC, R ni ti CD, S ni ti DA. Fi hàn pé PQRS jẹ́ párálẹ́lógíráàmù. Faransé kan tó ń jẹ́ Varignon ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè é, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ẹ̀ ní 1731 lẹ́yìn tó ti kú, àmọ́ ìwọ ò nílò Faransé kankan, fa ìlà AC kọjá láàárín kó o sì wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹ̀, onígun mẹ́ta méjì lo máa rí, o sì ti mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú onígun mẹ́ta. Fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Sátidé, tí mo bá tún rí "ó hàn kedere" níbẹ̀, ìkọ́kọrẹ́ tí màámi fẹ́ sè yẹn, èmi nìkan ni màá jẹ ẹ́.