Iṣẹ́ mẹ́ta tó ṣẹ́kù lálẹ́ àná

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ìmúra iṣẹ́ òní.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni a ò rí parí nínú èyí tí ẹ kọ sára bọ́ọ̀dù fún wa. Àpò fùláwà kẹrin wà nílẹ̀, a ò pò ó. Búrẹ́dì 200 tí a máa gé fún àwọn oníbàárà Bódìjà ò tíì wọ ọ̀rá tán. Páànù tí ẹ ní ká ha ṣì wà lẹ́yìn ààrò. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó débẹ̀.

Aago 1 òru kọjá ìṣẹ́jú 20 ni bẹ́líìtì ẹ̀rọ tá a fi ń po fùláwà já. Àpò kẹta ló wà nínú ẹ̀, omi àti yíìsì ti wọ̀ ọ́, kò ṣe é dá padà mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: èyí tí yíìsì bá ti wọ̀ kì í dúró de èèyàn, pàápàá nínú ooru yìí. Tó bá wú jù, á kan, búrẹ́dì ẹ̀ á sì rì láàárín. Ni mo bá ní kí àwọn ọmọ méjì tó ń gé búrẹ́dì fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Àwa mẹ́rin la dà á sórí tábìlì tá a fọwọ́ pò ó, kó tó gba inú ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó lé ní aago 3 kí èyí tí mo fà láàárín ìka mi tó nà fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá láì já. Gbogbo ẹ̀ ló jáde dáadáa, kò sí èyí tó jóná.

Búrẹ́dì 120 ti wọ ọ̀rá, 80 ló kù lórí pákó. Ó gbóná nígbà tí à ń lọ, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n gé e. Tá a bá dì í ní gbígbóná, á làágùn nínú ọ̀rá, kò ní pẹ́ tí á fi hu. Àwọn ará àárọ̀ lè gé e báyìí.

Ti páànù, ẹ̀bi tèmi ni. A ti ha 24 nínú 60, ni mo bá jókòó lórí àpò ṣúgà pé kí n sinmi díẹ̀, oorun sì gbé mi lọ.

Mi ò tú ìdí àpò kẹrin rárá. Ìka àwọn ọmọ ti ń gbọ̀n, mi ò lè ní kí wọ́n tún fọwọ́ po òmíràn.

Mo ti pe mẹkáníìkì, ó ní òun ń bọ̀ láago 8. Nọ́ńbà ara bẹ́líìtì náà ti pa rẹ́, ẹ jẹ́ kó gbé èyí tó já náà dání lọ sọ́jà; mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń han. Mi ò fi bá yín jà o, mà.

Aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni mo máa dé dípò aago 6, kí n lè ha páànù tó kù.

Èmi ni,
Bàbá Ìbejì, olórí àwọn ará alẹ́