Ìjábọ̀ Àjẹsára Àwọn Ọmọdé fún Oṣù Òkúdù, Ọdún 2024: Wọ́ọ̀dù Karùn-ún, Agbègbè Ìbàràpá

Sí: Alábòójútó ètò àjẹsára, ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀
Láti ọ̀dọ̀: Òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ, Wọ́ọ̀dù Karùn-ún
Ọjọ́: 2 oṣù Agẹmọ, 2024

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ọmọ 480 ni a fojú sí pé a ó fún ní àjẹsára ní wọ́ọ̀dù yìí lọ́dún, èyí tó jẹ́ 40 lóṣooṣù. Nínú oṣù Òkúdù, ọmọ 37 ló gba abẹ́rẹ́ ikọ́ ife, 36 gba Pẹ́ńtà àkọ́kọ́, 32 gba ìkejì, 29 sì gba ìkẹta, ìyẹn ìdá 72.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí à ń retí. Ọmọ 27 ló gba abẹ́rẹ́ èéyi àkọ́kọ́, tí à ń fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án pẹ̀lú ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ṣùgbọ́n 18 péré ló gba ìkejì tó yẹ ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oògùn kankan kò tán lọ́wọ́ wa, ìtutù fìríìjì kò sì kọjá ààlà ní gbogbo ìgbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Láti Pẹ́ńtà àkọ́kọ́ dé ìkẹta, ìdá 19.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló já lójú ọ̀nà, ó sì yẹ kí ó má kọjá 10. Láti èéyi àkọ́kọ́ dé ìkejì, ó tó ìdá 33.3. Nítorí pé àwọn tó gba Pẹ́ńtà ìkẹta lóṣù yìí kọ́ ni wọ́n gba àkọ́kọ́ lóṣù yìí kan náà, n kò gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò yìí nìkan. Mo yẹ rẹ́jísítà wò ní orúkọ dé orúkọ. Ọmọ 24 ni ọjọ́ àbẹ̀wò wọn ti kọjá: 13 fún Pẹ́ńtà, 11 fún èéyi ìkejì.

Mo dé ilé mẹ́wàá nínú ti Pẹ́ńtà. Ìyá mẹ́rin ti bá ọkọ wọn lọ sí oko ọ̀nà jíjìn, nítorí àsìkò ọ̀gbìn ni. Mẹ́ta ń bẹ̀rù pé ara ọmọ gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn méjì sọ káàdì nù, ojú sì ń tì wọ́n láti wá. Ọmọ kan ti gba tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn mìíràn, ó wà nínú káàdì rẹ̀. N kò tíì rí àwọn mẹ́ta yòókù. Mo ṣàlàyé fún àwọn tí ẹ̀rù ń bà pé ibà ọjọ́ kan tàbí méjì kì í ṣe ohun àjèjì, méjì nínú wọn sì ti gbà láti wá.

Ti èéyi ló ká mi lára jù. Nínú àwọn 11 yìí, méje ti wá sí ilé ìwòsàn, a sì dá wọn padà nítorí pé ọmọ kò pọ̀ tó láti ṣí ìgò. Òótọ́ ni pé ìgò kan tó ọmọ mẹ́wàá, àti pé bí a bá ti pò ó, a gbọ́dọ̀ da ìyókù nù lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìyá kan láti gáà Fúlàní fi káàdì hàn mí: ọjọ́ ìpadàbọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n fi bírò fagi lé méjèèjì, wọ́n sì kọ ẹ̀kẹta sí ẹ̀gbẹ́. Ó pọn ọmọ wá lẹ́ẹ̀mejèèjì. A kò lè pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ẹni tó kọ àjẹsára. Oògùn tí a dà nù kò gbówó lórí tó ọmọ tí èéyi bá mú.

Ọjọ́ ìsinmi náà pa iṣẹ́ lára. Ọjọ́rú 12 bọ́ sí Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa, a kò sì ṣiṣẹ́. Ọjọ́rú 19 tẹ̀ lé ìsinmi Iléyá, ìyá márùn-ún péré ló wá.

Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fọwọ́ sí i kí a máa ṣí ìgò èéyi bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ kan ló wá. Bí ìyẹn kò bá tíì ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí a ya Ọjọ́rú kan sọ́tọ̀ lóṣù fún èéyi, kí n lè kéde rẹ̀ lọ́dọ̀ baálẹ̀, ní mọ́sáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo nílò kúlà kan àti owó ọ̀kadà ní Ọjọ́bọ̀ 11 oṣù Agẹmọ, kí èmi àti nọ́ọ̀sì lè lọ sí gáà àti sí àwọn abúlé òdìkejì odò kí odò tó kún. Káàdì tuntun méjì náà ṣe kókó. Àwọn ìyá mẹ́rin tó wà lóko yóò padà wálé nígbà tí iṣẹ́ bá dẹwọ́. Mo ti gba nọ́ńbà fóònù mẹ́ta nínú wọn, ìyá ọkọ ẹni kẹrin yóò sì ránṣẹ́ sí mi. Ní ti àwọn mẹ́ta tí n kò rí, mo fẹ́ kí ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù tó múlé gbè wá. Àkọsílẹ̀ orúkọ wọn wà nínú àpòòwé tí mo fi sí abẹ́ ìwé yìí.

Òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ, Wọ́ọ̀dù Karùn-ún